Wọ́n ní Jímọ̀ ni àwọn máa dáhùn: kí ni kí n kọ tí kò ní dà bí ẹ̀bẹ̀?

Ọmọ Ṣómólú kọ pé:

Ẹ kú ilé o. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ni mo fi ìwé àbá àti kótéṣọ̀n ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Màrínà: kálẹ́ńdà ara ògiri 1,500, dáyárì 500. Wọ́n ní Jímọ̀ ọjọ́ 17 ni àwọn máa sọ ẹni tí àwọn mú. Òní ti di Ọjọ́bọ̀, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bi wọ́n lórí Wásáàpù, "Ẹ kú iṣẹ́ ma, ṣé ẹ ti rí i?" Àmì méjèèjì ti di búlúù, kò sí èsì. Báwo ni mo ṣe máa tún béèrè tí wọn ò ní máa wò mí bí ẹni tí ebi ń pa?

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Má bi wọ́n ní nǹkan kan lónìí. Ọjọ́ tí wọ́n dá kò tíì pé. Bí èèyàn bá dá Jímọ̀ fún ọ, tí o wá ń béèrè ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, ohun tó ń gbọ́ ni pé o kò gba ọ̀rọ̀ òun gbọ́.

Ohun kejì, "ṣé ẹ ti rí i" yẹn kò dára. Kì í ṣe pé àfojúdi ni, iṣẹ́ tó gbé lé obìnrin yẹn lọ́wọ́ ló pọ̀ jù. Kó tó lè dá ọ lóhùn, ó ní láti wá ìwé rẹ jáde, kó lọ bi ọ̀gá rẹ̀, kó padà wá ronú ohun tó máa sọ fún ọ. Ìgbà tí kò ní ohun tó máa sọ, á kàn ka ohun tí o kọ, á sì gbé fóònù sílẹ̀. Bí tìrẹ náà ṣe di búlúù nìyẹn.

Kí n tó sọ̀rọ̀ jìnnà, dá mi lóhùn mẹ́ta. Ọjọ́ wo ni iye owó inú kótéṣọ̀n rẹ máa yí padà? Èló nínú ọgọ́rùn-ún lo ní kí wọ́n san sílẹ̀? Ta ló máa fọwọ́ sí i níbẹ̀?

---

Baba Ìdúmọ̀tà:

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń fi ìtìjú pa ara yín. Ọjà ni wọ́n fẹ́ rà, ọjà lo fẹ́ tà, kí ló kan ojú tì? Wọ mọ́tò, lọ bá wọn. Tí wọ́n bá rí ẹ lójúkojú, wọn ò ní lè ṣe bíi pé wọn ò mọ̀ ẹ́. Kí o tún sọ fún wọn pé ọ̀la ni iye yẹn máa yí. Bí kò tilẹ̀ yí, sọ bẹ́ẹ̀. Èèyàn kì í sáré bí nǹkan kò bá lé e.

---

Ọmọ Ṣómólú:

Ẹ ṣé o. Ìyá wa, mo kọ sínú rẹ̀ pé iye náà máa dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ìyẹn máa gbé e dé ọjọ́ 21. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni àsansílẹ̀. Ẹni tó máa fọwọ́ sí i, kí n má parọ́, mi ò mọ̀ ọ́n. Àǹtí kan ní ẹ̀ka ìràjà ni mò ń bá sọ̀rọ̀, òun ló ní kí n fi ìwé ránṣẹ́.

---

Mẹkáníìkì Ọ̀jọ̀dú:

Àwọn ará Màrínà yìí! Oṣù kẹta rèé tí wọ́n ti jẹ mí lówó jẹnẹrétọ̀ tí mo tún ṣe. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o kó àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ, kí ẹ lọ jókòó sí ibi ìgbàlejò wọn láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Kí ẹ má pariwo o. Kí ẹ kàn jókòó. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á san án.

---

Ọmọ Ṣómólú:

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò tíì gbé iṣẹ́ fún mi débi tí wọ́n máa jẹ mí lówó. Kí wọ́n yàn mí ni mo ṣì ń wá.

---

Mẹkáníìkì Ọ̀jọ̀dú:

Á à, mo ti sáré kà á. Ẹ má bínú. Ó yàtọ̀ gan-an nígbà náà. Èmi ní ẹ̀tọ́ láti jókòó, ìwọ ò ní.

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Ọ̀rọ̀ tí ó sọ kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo rẹ̀. Wọn ò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí "mò ń retí yín" fi máa ń dún bí ẹ̀bẹ̀ létí wọn, nítorí kò sí ohun tí ìrètí rẹ fi kàn wọ́n. Ohun tó kàn wọ́n ni kí dáyárì wọn má dé lẹ́yìn ọdún tuntun.

Torí náà jẹ́ ká ka ọjọ́ sẹ́yìn. Mo rò pé ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ni wọ́n fẹ́ ẹ, kí wọ́n lè máa pín in fún àwọn oníbàárà wọn kí ìsinmi tó dé. Ká fi í sí Jímọ̀ ọjọ́ 5. Dáyárì 500 tí a máa rán, tí a máa lẹ èèpo rẹ̀, tí a máa tẹ orúkọ góòlù sí lára, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni, torí ọwọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. A ti dé bí ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá. Títẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gba ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ ìwọ náà mọ òpópónà Bájùláyé nínú oṣù kọkànlá: o máa tò sẹ́yìn iṣẹ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti ti àwọn olóṣèlú kó tó kàn ọ́ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kọ́ọ̀dù. Fi ọ̀sẹ̀ kan sí i, ọjọ́ 13 nìyẹn. Wọ́n máa fẹ́ wo ohun tí o tò kí o tó jó pilétì, wọ́n á ní àmì ilé-iṣẹ́ àwọn kò pupa tó, ọ̀gá kan á ní kí wọ́n pààrọ̀ fọ́tò òun. Ọ̀sẹ̀ kan náà nìyẹn, bí wọ́n bá ṣe dáadáa. A ti padà sí ọjọ́ 6. Kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, bébà ti gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, owó wọn lo sì máa fi rà á. Bí àsansílẹ̀ kò bá wọlé ní Jímọ̀ ọjọ́ 31 oṣù yìí, ọjọ́ 5 oṣù kejìlá ti bàjẹ́.

Ṣé o rí i pé ọjọ́ mẹ́ta ló wà nílẹ̀, tí o sì ń wo ẹyọ kan? Ọjọ́ 17 jẹ́ tiwọn, wọ́n lè yí i bó ṣe wù wọ́n. Ọjọ́ 21 jẹ́ ti ẹni tó ń ta bébà. Ọjọ́ 31 kì í ṣe ti ẹnì kankan, iṣẹ́ ló ni ín. Èyí tó o lè sọ láìtijú ni méjì tó kẹ́yìn, torí kì í ṣe ìwọ lo dá wọn.

---

Ẹni Inú Ọ́fíìsì:

Èmi wà ní ìhà kejì tábìlì. Ẹ̀ka ìràjà ni mo wà, Erékùṣù Èkó níbí, ilé-iṣẹ́ tí mi ò ní dárúkọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí nínú.

Àǹtí tí o ń bá sọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe òun ló ń yan ẹni tó máa ṣe iṣẹ́. Kótéṣọ̀n mẹ́ta ni àwa máa ń kó jọ kí a tó lè gbé nǹkan lọ sókè. Bí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta kò bá tíì fi tirẹ̀ ránṣẹ́, gbogbo rẹ̀ dúró, ìwọ tó yára náà dúró pẹ̀lú. Bí ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí i bá lọ Àbújá, ó dúró. Bí ìṣirò ọdún bá ń lọ lọ́wọ́, ó dúró. A kì í sọ èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí fún yín, torí ọ̀rọ̀ inú ilé ni. A kàn máa dákẹ́, ẹ̀yin á sì rò pé a ti gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíì.

Ohun tó máa ń ràn mí lọ́wọ́ ni lẹ́tà tí mo lè fi ránṣẹ́ sókè bó ṣe wà, láìfi ọ̀rọ̀ tèmi kún un. Bí o bá kọ "ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ rántí mi o", mi ò lè fi ìyẹn han ọ̀gá mi láé. Àmọ́ bí o bá kọ pé bí àsansílẹ̀ kò bá wọlé ní ọjọ́ báyìí, dáyárì kò ní bá ọjọ́ báyìí mu, kíá ni màá fi í ránṣẹ́. O ti fún mi ní ohun tí mo lè fi tì í. Ìmeèlì ni kó jẹ́ o, kì í ṣe Wásáàpù. Dáhùn sí abẹ́ ìmeèlì tí o fi fi kótéṣọ̀n ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ wà lójú kan, kí o sì tún so fáìlì náà mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan péré: ẹ má máa fo wa kọjá lọ bá ọ̀gá wa. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí mi, ìwé rẹ̀ kì í sọnù, ó kàn máa ń wà nísàlẹ̀.

---

Baba Ìdúmọ̀tà:

"Ó kàn máa ń wà nísàlẹ̀." Ẹ gbọ́ ọ! Ìdí tí mo fi ní kó lọ fúnra rẹ̀ rèé.

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Baba, ẹ̀yin náà gbà díẹ̀, ẹ sì ṣì díẹ̀. Lílọ dáa bí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹni. Èmi ti gbé dọ́mì dáyárì lọ rí, bébà gan-an, èèpo gan-an, òfìfo, kò sí ohun tí a tẹ̀ sínú rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ fún ẹni tó wà níbi ìgbàlejò pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ni ín, mo sì yí padà. Mi ò ní kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó fẹ́ yàn mí di ìwé náà mú, wọ́n sì gbà.

Ibi tí mo ti bá yín jà ni irọ́ yẹn. Mo ti pa á rí. Lọ́dún kan, mo sọ fún ilé-iṣẹ́ kan pé Jímọ̀ ni iye mi máa yí, bẹ́ẹ̀ bébà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi tí mo ti rà láti oṣù kẹjọ. Wọn ò dáhùn. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pè mí, mo sì gba iṣẹ́ náà ní iye àtijọ́ torí ọkàn mi ti ń fò. Lọ́dún kejì, mo tún kọ Jímọ̀, òtítọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí, náírà ti já wálẹ̀, bébà ti gbówó lórí. Akọ̀wé owó wọn rẹ́rìn-ín sí mi lórí fóònù: "Ìyá, Jímọ̀ yín máa ń gùn o." Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi dúró, mo sì fi owó ara mi kún iṣẹ́ yẹn. Láti oṣù kẹfà 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, mi ò dá ọjọ́ tí mi ò ní dúró tì mọ́. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni mo máa ń kọ tẹ́lẹ̀ pé iye mi máa fi dúró. Ní báyìí, mi ò lè kọ ju ọjọ́ mẹ́rìnlá lọ, ìgbà mìíràn ọjọ́ méje.

---

Ẹni Inú Ọ́fíìsì:

Nípa dọ́mì, mi ò fọwọ́ sí i pátápátá. Níbi tí mo wà, nǹkan tí oníṣòwò bá gbé wá nígbà tí a ṣì ń yàn, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ó bá jẹ́ ohun tó dára jù, ẹni tí kò gbé nǹkan wá lè ní a ṣègbè. Ẹ béèrè kí ẹ tó gbé e wá.

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Dáyárì òfìfo? Ẹ wo àwọn èèyàn yìí. Ó dáa, bóyá bí ó ṣe rí lọ́dọ̀ tiyín nìyẹn.

---

Ọmọ Ṣómólú:

Ó ti ń yé mi. Mo fẹ́ kọ ọ́ ní Ọjọ́ Ajé tí Jímọ̀ bá ti kọjá. Ṣé ó dáa?

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, Ajé, bí aago mẹ́wàá àárọ̀, tí wọ́n ti jókòó dáadáa. Jímọ̀ lẹ́yìn aago méjì, ẹni tí kò sí ní mọ́ṣáláṣí ti ń ronú bí òun ṣe máa gun Tádì Méńláńdì kí mọ́tò tó dí.

---

Ẹni Inú Ọ́fíìsì:

Ẹ dúró ná. Ọjọ́ Ajé jẹ́ ọjọ́ 20. Iye rẹ̀ máa yí lẹ́yìn ọjọ́ 21. Bí mo bá rí irú ìmeèlì bẹ́ẹ̀ ní Ajé, tó ní ọ̀la ni òpin, màá rò pé ó fẹ́ fi ipá mú mi, bí òtítọ́ bá tilẹ̀ ni.

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Òótọ́ lẹ sọ. Mo gbà. Ibi tó ti ṣàṣìṣe gan-an nìyẹn, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá sọ fún ọ pé ọjọ́ 17 ni àwọn máa pinnu, iye rẹ gbọ́dọ̀ lè dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lẹ́yìn rẹ̀, torí kò sí ìpinnu tí kì í sún. Ìwọ fi ọjọ́ mẹ́rin péré sílẹ̀, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀.

Nígbà náà, fi ránṣẹ́ ní ọ̀la, Jímọ̀ láàárọ̀. Mo ní kó o má béèrè, mi ò ní kó o má sọ̀rọ̀. Má fi ìbéèrè kankan nípa ẹni tí wọ́n yàn sínú rẹ̀. Èmi á kọ ọ́ báyìí, ìwọ lè yí i sí èdè Òyìnbó bí wọ́n ṣe máa ń kọ̀wé níbẹ̀:

> Kálẹ́ńdà àti dáyárì: ọjọ́ 21 àti ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá
>
> Ẹ kú iṣẹ́ ma. Mo tún so kótéṣọ̀n ọjọ́ 7 mọ́ ìwé yìí kí ẹ má baà máa wá a kiri. Ọjọ́ méjì ni mo fẹ́ kí ó wà létí yín. Iye inú rẹ̀ dúró títí di ọjọ́ 21. Lẹ́yìn rẹ̀, owó bébà nìkan ni màá tún wò, owó iṣẹ́ kò ní yí. Kí dáyárì lè tẹ̀ yín lọ́wọ́ ní ọjọ́ 5 oṣù kejìlá, àsansílẹ̀ ní láti wọlé ó pẹ́ tán ní ọjọ́ 31 oṣù yìí, nítorí ríra bébà, títò, títẹ̀ àti rírán máa gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Bí ọjọ́ ìpinnu yín bá ti sún, ẹ kàn fi ọjọ́ tuntun ránṣẹ́ sí mi, kí n lè tún ìlà ẹ̀rọ mi tò.

Wo gbólóhùn tó kẹ́yìn. Ọjọ́ lo ń béèrè. Ẹni tí kò lè sọ "a mú ọ" tàbí "a ò mú ọ" ṣì lè sọ "Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀". Kò sì sí "mò ń retí", kò sí "ẹ jọ̀ọ́", kò sí "Ọlọ́run á máa bù kún yín ma".

---

Baba Ìdúmọ̀tà:

Kí ló dé tí a ò gbọdọ̀ ṣàdúrà fún èèyàn?

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Ẹ ṣe é nígbà tí wọ́n bá san owó, Baba.

---

Ọmọ Ṣómólú:

Mo ti dé o. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ránṣẹ́ ní Jímọ̀. Kí ó tó di àsìkò ìrun, wọ́n ti dáhùn! Ọ̀gá wọn kò sí nílùú, ìpàdé ti sún sí Ọjọ́bọ̀ ọjọ́ 23. Ó wá bi mí bóyá iye mi lè dúró dé Jímọ̀ ọjọ́ 24. Ọwọ́ mi ti wà lórí "bẹ́ẹ̀ ni ma" kí n tó rántí pé kí n bi yín.

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Ó dáa tí o dúró. Pe ẹni tó ń ta bébà fún ọ kí o tó pe obìnrin yẹn. Bébà áàtì ti kálẹ́ńdà àti bọ́ǹdì ti inú dáyárì, bi í ní ìkọ̀ọ̀kan, kì í sábà yí pa pọ̀. Bí ó bá ní òun á dì í mú dé Jímọ̀, kí o fún wọn ní Jímọ̀, aago méjìlá ọ̀sán, kí o sì sọ ẹni tó dì í mú fún ọ. Bí ó bá gba ti áàtì nìkan, sọ fún wọn pé kálẹ́ńdà lè dúró, dáyárì kò lè dúró. Bí o bá kàn sọ "kò burú" láìbéèrè, o ti sọ fún wọn pé ọjọ́ 21 kì í ṣe nǹkan kan.

---

Mẹkáníìkì Ọ̀jọ̀dú:

Èmi rò pé wọ́n ti gbé e fún ẹlòmíì, wọ́n kàn fẹ́ fi tìrẹ já owó ẹni náà wálẹ̀. Wọ́n ṣe é fún mi rí.

---

Ẹni Inú Ọ́fíìsì:

Ó máa ń ṣẹlẹ̀, mi ò ní parọ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ láti ìta. Àmọ́ ẹni tí a fẹ́ fi já owó, a kì í bi í bóyá iye rẹ̀ lè dúró. A kàn máa ń ní kó dín in kù.

---

Ọmọ Ṣómólú:

Ẹni tó ń ta bébà gbà láti di áàtì mú dé Jímọ̀. Ti bọ́ǹdì, ó ní ẹrù tuntun ń bọ̀, òun kò lè ṣèlérí. Mo kọ ọ́ sí wọn bó ṣe rí. Obìnrin yẹn ní kò burú.

Ọjọ́bọ̀ 23 kọjá. Mi ò kọ nǹkan kan, ọwọ́ mi yún mi títí. Jímọ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀, ìmeèlì wọlé: ṣé mo lè fún wọn ní iye kálẹ́ńdà nìkan, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí dáyárì. Ó ní kí ó dé ọ̀dọ̀ òun kí aago méjìlá tí mo sọ tó lù.

---

Baba Ìdúmọ̀tà:

Wọ́n ti gé ẹ kù. Ó yẹ kí o ti lọ bá wọn.

---

Ìyá Kálẹ́ńdà:

Wọ́n gba aago méjìlá rẹ gbọ́, àbí ẹ ò rí i? Ọmọ mi, má kàn yọ ìlà dáyárì kúrò kí o fi ìyókù ránṣẹ́. Mọ́tò tó máa kó ẹrù lọ Màrínà, orí méjèèjì lo pín in sí. Kálẹ́ńdà nìkan ló máa gbé e báyìí. Fi kún un, kí o sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kí o kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́ 31 ti dáyárì ṣì wà bó ṣe wà.

---

Ọmọ Ṣómólú:

Bájùláyé ni mo wà báyìí, níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta bébà. Ó ń ka rìímù fún mi. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógún. Ẹ jẹ́ kí n fi í ránṣẹ́, mò ń bọ̀.